Mo dín firíkúẹ́ńsì kù, àdánù kọ́ọ̀ tún gòkè: kí ló fà á?

*“Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Tiransifọ́mà ni mò ń rìwáíǹdì ní Muṣin. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi, 1 kVA, 220 sí 24 fóltì, ó ń gbóná láìsí lóòdù kankan lára rẹ̀. Wáàtì-mítà kà 25 wáàtì. Ẹnì kan ní tí mo bá wọ̀n ọ́n ní firíkúẹ́ńsì méjì, màá mọ èyí tó jẹ́ ti hisitẹrísíìsì àti èyí tó jẹ́ ti ẹ́dì, màá sì mọ̀ bóyá laminéṣọ̀n ni kí n pààrọ̀. Mo fi jẹnẹrétọ̀ ṣe é, mo dín eré rẹ̀ kù títí ó fi dé 40 hẹ́tísì. Fóltì ò kúrò ní 220, ṣùgbọ́n wáàtì gòkè dé 29. Ṣé kì í ṣe pé ó yẹ kí àdánù méjèèjì wálẹ̀ ni?”*

Mítà rẹ ò parọ́, àbúrò mi. 29 yẹn gan-an ló yẹ kó kà, ohun tó sì fà á wà nínú ọ̀rọ̀ kékeré tí o sọ kọjá lọ: fóltì ò kúrò ní 220. Ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ kékeré ló ní AVR nínú, iṣẹ́ AVR sì ni pé kó di fóltì mú bí eré ẹ́ńjìnnì bá ń dín kù. Ó ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ dáadáa, iyẹn ló sì da ìwọ̀n rẹ rú. Ìṣirò tó so gbogbo rẹ̀ pọ̀ nìyí:

```
V = 4.44 × f × N × A × B
```

V ni fóltì, f ni firíkúẹ́ńsì, N ni iye tọ́ọ̀nù, A ni fífẹ̀ ojú irin tí wáyà yí ká, B sì ni bí òòfà ṣe kún inú irin tó nígbà tó bá dé ògógóró rẹ̀. N àti A ò lè yí padà láìjẹ́ pé o tú u. Tí f bá wá sọ̀kalẹ̀ láti 50 sí 40, tí V dúró sí 220, B nìkan ló kù tó lè ṣàtúnṣe, yóò sì fi ìdámẹ́rin ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyẹn ni pé irin kan náà lo wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì lóòótọ́, àmọ́ lẹ́ẹ̀kejì òòfà ti kún inú rẹ̀ jù. Ohun méjì ló yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí bí o ṣe lè mọ èyí tó fa ohun tí mítà kà.

Wo àdánù méjèèjì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti hisitẹrísíìsì ni ìnira tí irin ń rí bí òòfà inú rẹ̀ ṣe ń kọjú síwájú, tó tún ń kọjú sẹ́yìn. Bí ìgbà tí èèyàn ń tẹ wáyà síwá-sẹ́yìn ni: gbogbo ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń gba iye agbára kan náà, ì báà yá, ì báà falẹ̀. Tí B kò bá yí padà, agbára tí irin ń jẹ ní ìyípo kan kì í yí padà, wáàtì rẹ̀ á kàn máa bá firíkúẹ́ńsì lọ ní ọgbọọgba. Tí B bá gòkè, agbára ìyípo kan á gòkè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1892 ni Steinmetz kọ ọ́ pé B tí a gbé sí agbára 1.6 ni àdánù yìí ń tẹ̀ lé. Nínú irin òde òní, níbi tí B ti ga bí ti tiransifọ́mà, ó máa ń sún mọ́ 2, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ bí irin bá ti fẹ́ yó.

Ti ẹ́dì ní orísun tirẹ̀ lọ́tọ̀. Irin náà ń gbé iná, nítorí náà òòfà tó ń yí padà máa ń dá fóltì sínú páálí laminéṣọ̀n kọ̀ọ̀kan, iná á sì máa yípo níbẹ̀ láìṣe iṣẹ́ kankan ju pé ó ń mú irin gbóná lọ. Fóltì inú páálí yẹn ń tẹ̀ lé f lọ́nà B, wáàtì sì ń tẹ̀ lé fóltì lọ́nà ara rẹ̀. Níbi tí ọ̀rọ̀ tìrẹ ti yé nìyí: f lọ́nà B kan náà ni fóltì tí o fún wáyà ń pinnu. Bí 220 bá ṣe dúró, àdánù ẹ́dì ò mira rárá láàrin 50 àti 40. Gbogbo wáàtì 4 tó lé, ti hisitẹrísíìsì ni. Ìyípo tó ń ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan dín kù lóòótọ́, àmọ́ agbára tí ìyípo kọ̀ọ̀kan ń jẹ gòkè ju ohun tó dín kù lọ.

Ohun tó yẹ kí o di mú ni fóltì tí a pín sí firíkúẹ́ńsì. 220 pín sí 50 jẹ́ 4.4. Nítorí náà, ní 40 hẹ́tísì, 176 fóltì ni kí o fún un. Ní 30, 132. Ní 60, 264. Bí o bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, B ò ní kúrò lójú kan, ìṣirò á sì rọrùn. Wáàtì hisitẹrísíìsì á jẹ́ iye kan lọ́nà f, ti ẹ́dì á jẹ́ iye mìíràn lọ́nà f lọ́nà f. Tí o bá pín gbogbo rẹ̀ sí f, èyí ló kù:

```
P/f = h + e × f
```

Ìlà títọ́ nìyẹn. Fi firíkúẹ́ńsì sí ìsàlẹ̀ gíráàfù, fi P/f sí òpó ẹ̀gbẹ́, sàmì sí ohun tí o kà, kí o wá fa ìlà gba àárín wọn kọjá. Ibi tí ìlà ti kan òpó, níbi tí f jẹ́ òdo, ni h, agbára hisitẹrísíìsì ní ìyípo kan. Bí ìlà ṣe ń gòkè tó bí f ti ń fi hẹ́tísì kan pọ̀ sí i, òun ni e, ti ẹ́dì.

Jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é, mo mú iye tó bá 25 wáàtì rẹ mu. Ká ní o kà 12.6 wáàtì ní 30 hẹ́tísì, 18.4 ní 40, 25 ní 50, 32.4 ní 60. Pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí firíkúẹ́ńsì rẹ̀: 0.42, 0.46, 0.50, 0.54. Ní gbogbo hẹ́tísì 10, ó ń fi 0.04 gòkè, e sì jẹ́ 0.004. Tí o bá padà sẹ́yìn láti 0.42 dé òdo, ìyẹn hẹ́tísì 30, o ó yọ 0.12, á ku 0.30, òun ni h. Ní 50 hẹ́tísì, hisitẹrísíìsì jẹ́ 0.30 lọ́nà 50, wáàtì 15. Ẹ́dì jẹ́ 0.004 lọ́nà 50 lọ́nà 50, wáàtì 10. Àròpọ̀ rẹ̀ padà sí 25. Wá fi èyí yẹ 29 rẹ wò: ní 40 hẹ́tísì pẹ̀lú 220 fóltì, ẹ́dì ṣì jẹ́ 10, hisitẹrísíìsì á jẹ́ 15 lọ́nà 0.8 nítorí ìyípo tó dín kù, lọ́nà 1.25 lẹ́ẹ̀mejì nítorí B tó gòkè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 19. Mẹ́wàá àti mọ́kàndínlógún. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní mítà rẹ ò parọ́.

Ẹni tó ní kí o wọ̀n ọ́n ní firíkúẹ́ńsì méjì kò ṣì ọ́ lọ́nà pátápátá, àmọ́ méjì kéré. Wo ohun tó lè ṣẹlẹ̀. Ká ní 50 àti 40 nìkan lo wọ̀n, tí mítà sì fi ìdajì wáàtì ṣìnà ní 40, tó kà 18.9 dípò 18.4. P/f ibẹ̀ á di 0.4725. Láti ibẹ̀ dé 0.50, ìlà á dà bí ẹni tó ń gòkè díẹ̀ ṣá, ẹ́dì tí o ó ṣírò ní 50 á jẹ́ nǹkan bíi 6.9 wáàtì, hisitẹrísíìsì á di 18.1. Ìdajì wáàtì péré ti gbé wáàtì 3 láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan lọ sọ́dọ̀ ẹnì kejì, ìwọ á sì lọ ra irin tí kò yẹ kí o rà. Tí ibi tí o ti wọ̀n bá jìnnà síra, tí wọ́n sì tó mẹ́rin ó kéré tán, àṣìṣe ọ̀kan á hàn, torí kò ní wà lórí ìlà pẹ̀lú àwọn yòókù.

Jẹnẹrétọ̀ kò lè fún ọ ní àyè yẹn. Èyí tó ní òpó òòfà méjì ń sáré 3000 ní ìṣẹ́jú kan fún 50 hẹ́tísì. Láti dé 30 o gbọ́dọ̀ fà á sílẹ̀ dé 1800, ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n, AVR á sì máa jà. Láti dé 60, 3600 ni, èmi ò sì ní gbà ọ́ nímọ̀ràn pé kí o fi gọfánọ̀ ṣeré dé ibẹ̀. Tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, fi fáríákì sí àárín jẹnẹrétọ̀ àti tiransifọ́mà, kí o wọ̀n láti 40 dé 50, kí o sì mọ̀ pé ohun tí o rí kò jù ìfojúdá lọ. Tí o bá mọ ẹnì kan ní lábù ẹ̀rọ iná ní Yaba tàbí Akọka, tí wọ́n sì ní jẹnẹrétọ̀ tí mọ́tò ń yí, tí èèyàn lè fọwọ́ yí eré àti fóltì rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, èyí ló dára jù.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn fún ṣọ́ọ̀bù ni ámpílífáyà, irú èyí tí wọ́n ń kó lọ sí òde àríyá. Tiransifọ́mà rẹ ní ojú 24 fóltì, ojú yẹn ni kí o ti fún un níná. Ní 50 hẹ́tísì, 24 fóltì ló fẹ́; ní 30, 14.4, ní 60, 28.8. Èyí tó bá lè fún 4 óòmù ní 300 wáàtì á tó, torí fóltì rẹ̀ á ju 34 lọ. Fóònù tó ní àápù tí ń dún ohùn kan ṣoṣo ni yóò máa fún un ní firíkúẹ́ńsì. Pa gbogbo báàsì àti tíríbù rẹ́, bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo, kí o sì máa yí i sókè díẹ̀díẹ̀. Kí o tó so ó pọ̀, fi mítà wọn DC lẹ́nu ámpílífáyà náà. Ojú 24 kò ní ju ìdákan nínú mẹ́wàá óòmù lọ, nítorí náà 50 mílífóltì DC lè ti ìdajì ámpù wọ inú wáyà, á fi òòfà irin sí ẹ̀gbẹ́ kan, àdánù hisitẹrísíìsì á sì wú. Tí DC bá pọ̀ bẹ́ẹ̀, wá ámpílífáyà mìíràn. Má sì gbàgbé pé bó ṣe jẹ́ nǹkan orin lo fi ń ṣe é yìí, ojú 220 tó ṣí sílẹ̀ ti ní 264 fóltì lórí ní 60 hẹ́tísì. Ó lè pààyàn.

Ojú 220 tó ṣí yẹn tún wúlò. So kọ́ìlì kọ́rẹ́ńtì wáàtì-mítà mọ́ ojú 24, kí o sì so kọ́ìlì fóltì rẹ̀ mọ́ ojú 220. Nítorí pé kọ́rẹ́ńtì kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú ojú 220, fóltì tó wà níbẹ̀ jẹ́ ti òòfà inú irin gan-an, ooru bàbà ojú 24 kò sì ní sí nínú ohun tí mítà kà. Ohun tó bá kà, sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀nù ojú 24, kí o sì pín in sí tọ́ọ̀nù ojú 220. Tọ́ọ̀nù gan-an ni kí o lò, má lo 24 àti 220 tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀. Ọ̀nà yìí náà ni wọ́n ń lò nínú férémù Epstein tí àwọn tí ń ṣe irin fi ń dán páálí wọn wò. Wáàtì-mítà tí wọ́n ṣe fún páwà fákítọ̀ kékeré ni kí o wá. Àwọn mítà pulọ́ọ̀gì olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ṣe fún iná ilé kì í ka ìwọ̀nba wáàtì láàrin kọ́rẹ́ńtì òòfà dáadáa, pàápàá tí firíkúẹ́ńsì bá kúrò ní 50.

Ọ̀rọ̀ fóltì-mítà á yà ọ́ lẹ́nu. Fún ìwọ̀n B, mítà olówó kékeré tí kò ní TRUE RMS ló dára ju èyí tó ní i lọ. Ìpíndọ́gba fóltì ni mítà bẹ́ẹ̀ ń wọ̀n, tí á wá sọ di púpọ̀ pẹ̀lú 1.11, ìpíndọ́gba yẹn gan-an ló sì ń pinnu bí òòfà ṣe máa kún tó, kódà bí ìgbì iná kò bá dán. Nítorí náà, mítà kékeré ni kí o fi ṣètò 4.4 rẹ. Lẹ́yìn náà, fi TRUE RMS wọ̀n ọ́n lójú ibẹ̀ kan náà. Bí àwọn méjèèjì bá bára mu, ìgbì rẹ dán. Bí TRUE RMS bá fi márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún jù, ìgbì ti dàrú, àdánù ẹ́dì á sì fi bíi mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ju bó ṣe yẹ lọ, torí òun ń tẹ̀ lé RMS. Ìwé ọ̀pọ̀ mítà kékeré sọ pé láti 40 hẹ́tísì sókè ni wọ́n ti ń kà dáadáa. Wo tìrẹ kí o tó gbára lé ohun tó kà ní 30.

Ibi tí mo ti ń rí i tí àwọn èèyàn ń ṣubú jù ni ìtumọ̀ e. Wọ́n á ní 10 wáàtì yìí, ti ẹ́dì inú laminéṣọ̀n ni, ó parí. Kò tíì parí. Ohunkóhun tí fóltì bá ń ti kọ́rẹ́ńtì gba inú rẹ̀ kọjá ló ń jẹ wáàtì tó ń tẹ̀ lé fóltì lọ́nà ara rẹ̀, bí fóltì rẹ sì ti ń bá firíkúẹ́ńsì lọ, gbogbo wọn á kó sínú e. Kọ́ìlì fóltì wáàtì-mítà fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀: bí óòmù rẹ̀ bá jẹ́ 20,000, ó ń jẹ 2.42 wáàtì ní 220 fóltì, ìdámẹ́rin 10 rẹ nìyẹn. Ka óòmù rẹ̀, ṣírò rẹ̀ fún fóltì kọ̀ọ̀kan, kí o yọ ọ́ kúrò kí o tó pín sí f. Tọ́ọ̀nù kan tó ti kan ara wọn nínú wáyà náà á kó sínú e. Bóòtì tó gba inú kọ́ọ̀ kọjá tí bébà ìdábòòbò rẹ̀ ti jó, tó wá so páálí pọ̀ mọ́ra, òun náà ńkọ́? Inú e ló wà. Ìdánwò firíkúẹ́ńsì kò lè ya àwọn wọ̀nyí kúrò lára ẹ́dì tòótọ́. Ọwọ́ àti ojú rẹ ni yóò ṣe é.

Bí e bá ti pọ̀, èyí ni kí o ṣe ní tẹ̀-lé-ń-tẹ̀-lé. Kọ́kọ́ tú bóòtì, fi ọ̀rá ìdábòòbò tuntun wọ̀ ọ́, kí o tún wọ̀n. Bí ìlà bá rọlẹ̀ tí ibi tó kan òpó kò sì kúrò lójú kan, bóòtì ni. Bí kò bá yí padà, fọwọ́ kan wáyà lẹ́yìn tí o bá ti pa iná: tọ́ọ̀nù tó kan ara wọn máa ń gbóná lójú kan, nígbà tí ẹ́dì irin máa ń mú gbogbo kọ́ọ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bó o bá ṣì ń ṣiyèméjì, yọ wáyà àtijọ́ kúrò, yí tọ́ọ̀nù mélòó kan tí o mọ iye rẹ̀ mọ́ irin lásán, kí o sì wọ̀n ọ́n ní B kan náà. E tó bá kù lẹ́yìn èyí, ti páálí ni: fáníìṣì ojú rẹ̀ ti jó, tàbí etí tí wọ́n gé ti ní ṣóńṣó tó ń gún páálí kejì, tàbí páálí náà nípọn jù. Bí òòlù ti ń bà á nígbà tí a ń tò ó, ó lè fa èyí, kì í sì í ṣe èyí nìkan ló ń fà. Lílù àti títẹ̀ ń mú irin le, h náà á sì gòkè.

Ó ku ibì kan tí mi ò ní tàn ọ́ jẹ sí. Ìlà títọ́ yìí kò sọ òtítọ́ tán. Àdánù kẹta wà, tí Bertotti ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa ní 1988: ògiri tó pààlà láàrin apá òòfà kan àti èkejì nínú irin kì í rìn bákan náà káàkiri, wọ́n ń fò kúrò níhìn-ín sí ọ̀hún, ìfò yẹn sì ń dá ẹ́dì kéékèèké tirẹ̀ sílẹ̀. Àdánù yìí ń tẹ̀ lé f tí a gbé sí agbára 1.5. Lórí gíráàfù P/f, ó máa ń mú ìlà tẹ̀, ó ń ga kíákíá nísàlẹ̀, lẹ́yìn náà ó á máa rọra lọ. Láàrin 30 àti 60, ìtẹ̀ yẹn kò ní hàn sí ọ lójú; ìlà tí o fà á pín in sí méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, á fi ìdajì kún h, á fi ìdajì kún e. Nínú irin tí wọ́n to horo rẹ̀ sí ọ̀nà kan, èyí tí wọ́n ń lò fún tiransifọ́mà ńlá, àdánù kẹta yìí lè tó ẹ́dì tòótọ́, ó sì lè jù ú lọ. Nítorí náà, 15 tí a ṣírò fún hisitẹrísíìsì lè pọ̀ ju bó ṣe rí lọ. Láti rí ìtẹ̀ náà, o ní láti sọ̀kalẹ̀ dé nǹkan bíi 10 hẹ́tísì, níbi tí mítà ṣọ́ọ̀bù kò ti lè ṣiṣẹ́ mọ́. Má sì gbìyànjú láti sá lọ sí ọgọ́rùn-ún mélòó kan hẹ́tísì pẹ̀lú páálí yìí, torí ẹ́dì á ti máa lé òòfà kúrò láàrin páálí, ìṣirò f lọ́nà f á sì ti já.

Fún ìpinnu tìrẹ, àìpé yẹn kò burú púpọ̀. Bí o bá rí 15 àti 10 bí ti àpẹẹrẹ, tí bóòtì àti wáyà sì dára, páálí tuntun tó nípọn 0.35 mílímítà dípò 0.5 yóò dín ẹ́dì tòótọ́ kù sí bí ìdajì, torí nínípọn lọ́nà ara rẹ̀ ló ń tẹ̀ lé. Ìyẹn wáàtì 5 nínú 25, ó sì lè má tó èyí, torí àdánù kẹta inú 10 yẹn kò ní dín kù bẹ́ẹ̀. Tí àyè bá wà nínú férémù, owó díẹ̀ ló máa ná ọ láti fi ìdákan nínú mẹ́wàá kún tọ́ọ̀nù ojú méjèèjì. Yóò fa B wálẹ̀ bíi mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún, h àti e á sì jọ sọ̀kalẹ̀, 25 á sún mọ́ 21. Bàbà á gùn sí i, ooru tirẹ̀ lábẹ́ lóòdù á sì pọ̀ díẹ̀. Tiransifọ́mà tó ń wà lórí iná tọ̀sán tòru láìsí lóòdù púpọ̀ ni mo lè ṣe èyí fún. Èyí tó ń gbé lóòdù tó kún nígbà gbogbo, ooru bàbà rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ rò.